Ẹ Wọn Apá Màmá Kí Ẹ Tó Fowó Ra Ẹ̀rọ

Bí ọdún bá ti ń súnmọ́lé báyìí, ìbéèrè kan náà ló máa ń dé etí àwa tí a ń gbé nítòsí àwọn òbí wa níbí, láti Ìjìgbò dé Òkèṣà, láti Ìyìn dé Ìkéré. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Mansẹ́sítà á pè, á ní: “Kí ni kí n rà fún Màmá o?” Èyí tó wà nílé á sì dáhùn pé: “Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn náà ni, ẹ̀gbọ́n mi.” Èsì ọmọlúàbí ni o, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì yẹn gan-an ló ń sọ owó nù. Òun ló mú kí kóòtù òtútù mẹ́ta wà nínú àpótí ìyá ẹni tí kò kúrò l'Ádòó rí. Òun ló mú kí kẹ́tùlù oníná tí wọ́n rà l'Ámẹ́ríkà jó lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kì í bọ iná tiwa.

Lójú àwa tí a wà nílé, òkè òkun ni Mansẹ́sítà. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó wà lọ́hùn-ún, Adó ni òkè òkun. Kò rí ilé tí Màmá ń gbé, kò mọ irú iná tó wà níbẹ̀ lónìí, kò sì mọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ jẹ́ ojú fún un. Bí ojú bá dákẹ́, ọwọ́ á kàn máa rà kiri ni.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn títí di ìsinsìnyí, ẹ̀bùn kan ti gbòde, a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ni, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ẹ̀rọ bíípíì. Kò sí ẹ̀bùn tó dáa tó o fún àgbàlagbà tí dókítà ti ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yẹn bá ń purọ́, ó sàn kó má sí nílé rárá.

Màmá kan wà l'Ókèṣà, n kò ní í dárúkọ wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì tóbi lápá dáadáa. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀rọ olówó gọbọi ránṣẹ́, orúkọ iléeṣẹ́ ńlá ló wà lára ẹ̀. Inú Màmá dùn, wọ́n ń fi han àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ tí wọ́n máa ń wé mọ́ apá yẹn kì í fẹ́ẹ́ ká a. Bó bá ti kún fún afẹ́fẹ́ tán, ńṣe ló máa ń já ara ẹ̀, wọ́n á tún fọwọ́ dì í mú kó tó wọ̀n ọ́n. Òǹkà òkè tó ń jáde níbẹ̀ kò kúrò ní 150 sí 155.

Ẹ̀rù wá ba Màmá. Wọ́n á wọ̀n ọ́n láàárọ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, wọ́n á tún dìde wọ̀n ọ́n lóru. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n tó ni ẹ̀rù ń bà wọ́n tó. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn méjì dípò ẹyọ kan, kò sì sí dókítà tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, òun ló gbé wọn lọ sọ́síbítù. Nọ́ọ̀sì wo apá Màmá, ó gbé aṣọ apá tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ jáde, ó ní kí wọ́n jókòó sinmi ná, ó wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Òǹkà òkè jẹ́ 136 lẹ́ẹ̀kìíní, ó jẹ́ 134 lẹ́ẹ̀kejì. Oògùn ẹyọ kan tí dókítà kọ́kọ́ fún wọn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, iléeṣẹ́ tó ṣe é kò ṣẹ̀. Aṣọ apá ni kò tó apá.

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó béèrè pé iléeṣẹ́ wo ló dáa jù, ẹ kọ́kọ́ wọn apá ẹni tí ẹ fẹ́ rà á fún.

Téèpù télọ̀ lásán ti tó. Ẹ ní kí Màmá jókòó, kí wọ́n bọ́ ọwọ́ aṣọ kúrò lápá òsì, kí apá náà rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá ibi tó jẹ́ agbede méjì láàárín eegun èjìká àti ìgúnpá, ẹ fi téèpù yí apá ká níbẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ̀. Ojú sẹ̀ntímítà ni kí ẹ kà, kì í ṣe ojú íǹṣì tí àwọn télọ̀ wa ń lò. Ẹ kọ òǹkà yẹn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín. Òun ni ìwọ̀n tó máa fi rajà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ra bàtà.

Gbogbo páálí ẹ̀rọ yìí ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n apá tó lè gbà sí lára. Aṣọ apá tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pọ́ọ́kú wá jẹ́ ti apá tó wà láàárín 22 sí 32. Èyí tó tóbi jẹ́ 32 sí 42. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ṣe láti gba 22 títí dé 42, wọ́n máa ń le díẹ̀, wọ́n sì rọrùn láti dì fún àgbàlagbà tó ń dá a ṣe. Bí apá Màmá bá jẹ́ 36, a jẹ́ pé aṣọ apá àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe tiwọn, bó ti wù kí iléeṣẹ́ tó ṣe é lókìkí tó.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni o. Lọ́dún 2023, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Johns Hopkins l'Ámẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi aṣọ apá tó mọ níwọ̀n wọ̀n ọ́n fún ẹni tó yẹ kó lo èyí tó tóbi, òǹkà òkè máa ń fi nǹkan bíi 5 ga ju bó ṣe rí lọ. Fún ẹni tí apá rẹ̀ tóbi gan-an, tó yẹ kó lo èyí tó tóbi jù lọ, ó máa ń fi nǹkan bí 20 ga jù. Bó bá sì jẹ́ pé aṣọ apá ló tóbi ju apá lọ, òǹkà á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ìyẹn kan àwọn bàbá àgbà tí ara wọn ti fọ́n. Ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan wà níbẹ̀.

Tọ́ọ̀, ó wá ku orúkọ iléeṣẹ́. Omron ti ilẹ̀ Japan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Àwọn A&D, Microlife àti Beurer náà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ní ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn ti dán wò dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ ni wọ́n ń dán wò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dán wò, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì lè wo nọ́ńbà yẹn nínú àkójọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ ríru tibẹ̀, ẹni tó wà l'Ámẹ́ríkà lè wo validatebp.org, gbogbo ayé pátá sì lè wo stridebp.org. Bí nọ́ńbà ara páálí kò bá sí nínú àkójọ kankan, kó fi sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìlàjì owó ni wọ́n ní kó san.

Èyí tó ń wọn apá òkè ni kó rà. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ rọrùn lójú, àmọ́ bí ọwọ́ kò bá dúró ní déédéé àyà, òǹkà á ṣì í lọ́nà, àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò sì lè gbé e dúró bẹ́ẹ̀. Aago ọwọ́ tó ní òun ń wọn ìfúnpá láìfún apá rárá, àwọn oníṣègùn kò tíì ní ká gbára lé e.

Ẹ tún ro ẹni tó máa lò ó. Bọ́tìnnì kan tó tóbi àti òǹkà tó hàn gbàǹgbà sàn fún Màmá ju ẹ̀rọ tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lọ. Èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ tó wà lókè òkun ló máa ń wù, torí ó fẹ́ máa rí òǹkà láti ọ̀hún. Kò burú, bó bá jẹ́ pé Màmá ní fóònù ńlá tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé ẹsasáìsì kan àti ọmọ-ọmọ tó mọ̀wé kọ ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà jù wá rèé. Aṣọ apá ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ẹ̀rọ yìí. Rọ́bà inú rẹ̀ á lu, tàbí kí ibi tó ń lẹ̀ mọ́ra ṣíwọ́ lẹ̀. Aṣọ apá iléeṣẹ́ kan kì í sì bá ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mìíràn mu. Ẹnu rọ́bà wọn yàtọ̀, bí ẹ bá sì fi ọgbọ́n fipá kì í bọ̀ ọ́, òǹkà tó máa gbé jáde kì í ṣe èyí tí wọ́n dán wò. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín tó sanwó, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ rìn yíká kẹ́míìsì àti ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọsibítù l'Ádòó. Ẹ má béèrè pé, “Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ bíípíì?” Gbogbo wọn ló ní i. Ẹ béèrè pé, “Aṣọ apá ti iléeṣẹ́ wo lẹ máa ń tà lọ́tọ̀, ṣé ẹ sì ní ti apá ńlá?” Iléeṣẹ́ tí wọ́n bá dárúkọ ní ibi méjì mẹ́ta, òun ni kó ṣáájú nínú èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín. Bí kò bá sí èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ níbí rárá, kí ẹ̀gbọ́n yín ra aṣọ apá kejì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí wọ́n ṣe fún Màmá Òkèṣà gan-an nìyẹn. Wọn ò ra ẹ̀rọ mìíràn, aṣọ apá ńlá ti iléeṣẹ́ yẹn ni ọmọ wọn fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ yẹn gan-an rà l'Ádòó pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà nínú àkójọ, kí ló dé tí ẹ kò ní í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín kàn fowó ránṣẹ́? Ẹ ó lè wé e mọ́ apá Màmá níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹ mọ ilé ẹni tó tà á. Ohun tó kù ni kí ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Nọ́ńbà ara páálí àti nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Èyí tí lẹ́tà orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ti ṣì díẹ̀, ẹ gbé e padà fún wọn.

Bó bá jẹ́ pé láti ọ̀hún náà ni ẹ̀rọ ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Wáyà iná tó bá a wá láti ibẹ̀ lè jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka ẹ̀yìn orí wáyà náà. Bó bá rí `INPUT: 100-240V`, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ló wà níbẹ̀, kó fi wáyà náà sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé iná tiwa náà ṣeé gbọ́kàn lé ni? Èyí tó ń lo bátìrì AA mẹ́rin, irú bátìrì tí a ń fi sí aago ara ògiri, ló bá ilé wa mu. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń tà á, láti Ọjà Ọba dé kíósì ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ ra èyí tó dáa, torí bátìrì tí kò lágbára kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ lè fún apá dé ibi tó yẹ.

Ní ti ọ̀nà tó máa gbà wọlé, ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ ló dáa jù. Kó fi sínú báàgì tó ń gbé wọ inú bàálù, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń jù kiri. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń fi bàálù gbé ẹrù ni, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe bí nǹkan ṣe wúwo nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo bí páálí ṣe tóbi pẹ̀lú. Wọ́n á fi gígùn lọ́po ìbú lọ́po gíga ní sẹ̀ntímítà, wọ́n á wá fi 5000 pín in. Páálí tó jẹ́ 20 lọ́nà 15 lọ́nà 12 á fún wọn ní 3600. Tí wọ́n bá fi 5000 pín in, kò tó kílò kan. Ṣùgbọ́n bó bá ju ẹ̀rọ kékeré yẹn sínú páálí ńlá tó jẹ́ 40 lọ́nà 30 lọ́nà 30, tó sì fi bébà dí àlàfo tó kù, owó kílò méje àti díẹ̀ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sanwó fún yẹn. Kó yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ kó tó dì í. Èyí tí wọ́n ń fi iná sí bíi fóònù, kó sọ fún wọn pé bátìrì lítíọ́mù wà nínú rẹ̀, torí òfin wà lórí rẹ̀ nínú bàálù.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, ẹ má kàn gbé e kalẹ̀ fún Màmá. Ẹ gbé òun àti Màmá lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ọsibítù Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì níbí ni, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ n'Ídòó, tàbí ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò. Kí wọ́n fi ti ọsibítù wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi tiyín wọ̀n ọ́n, lápá kan náà, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín, kí wọ́n ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta. Bí ìyàtọ̀ òǹkà òkè kò bá ju 5 lọ, ẹ̀rọ yín dáa. Bó bá ju 10 lọ, ẹ má lò ó títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tún gbọ́ bí ọkàn Màmá ṣe ń lù. Bí ìlù ọkàn kò bá lọ déédéé, irú ẹ̀rọ yìí kò ṣeé fọkàn tán pátápátá, dókítà ló máa sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Nílé, kí Màmá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kí wọ́n ti tọ̀, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín, fún ọjọ́ méje. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, torí ojora ọjọ́ yẹn máa ń pọ̀. Ẹ ro ìyókù pọ̀, ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Bó bá jẹ́ 135 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè, tàbí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà. Dókítà ló ń fi oògùn kún oògùn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje yẹn, ẹ gbé e pamọ́ di ìgbà tí dókítà bá tún dá. Kì í ṣe fóònù tí wọ́n ń wò ní wákàtí wákàtí.

Bó bá wọ 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, tí àyà ń dun Màmá, tí èémí ń já, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan kú, ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì o. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n, bó bá sì dúró síbẹ̀, kí dókítà gbọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá tún wá pè láti Mansẹ́sítà, ẹ má sọ pé “ohunkóhun” mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, apá Màmá jẹ́ 36. Aṣọ apá iléeṣẹ́ báyìí ni wọ́n ń tà l'Ádòó. Bátìrì AA ni kó máa lò.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ẹ̀gbọ́n yín á rajà wọ́ọ́rọ́wọ́, Màmá á sì sùn lóru.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.